Ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkọ mi fẹ́ràn jù jẹ́ 110, XL tí mo rà gbé e mì: ibo ni mo ti ṣì í?

Títí Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo gbé wá. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Leeds ń bọ̀ wálé ní ìparí oṣù yìí, ó ní kí n sọ sáìsì ṣẹ́ẹ̀tì tí òun máa rà bọ̀ fún ọkọ mi. Ọkọ mi ní ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan báyìí. Tí mo bá ní kó gbé e sílẹ̀ kó wọ òmíràn, ńṣe ló máa wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ jalè. Ó jókòó sí i lára gan-an ni. Ṣùgbọ́n lébẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀ ti já dànù tipẹ́, kò sẹ́ni tó rántí sáìsì rẹ̀ mọ́. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ wà ní Àbújá, kò ní í dé kí àbúrò mi tó lọ sọ́jà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ti ọdún tó kọjá. Mo tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí ibùsùn, mo wọn àyà rẹ̀ láti abíyá kan sí èkejì, mo sọ ọ́ di méjì, ó jẹ́ 110 sẹ̀ńtímítà. Mo lọ wo àtẹ sáìsì ilé aṣọ kan lórí fóònù, ibẹ̀ náà ni àbúrò mi tún máa lọ. Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí:

```
Chest (cm)
S   91–96
M   97–102
L   103–108
XL  109–114
```

110 bọ́ sínú XL, mo ní kí wọ́n ra XL. Háà! Nígbà tó wọ̀ ọ́, àfi bí aṣọ tí wọ́n gbé kọ́ orí igi. Ojú rírán èjìká sọ̀kalẹ̀ sápá. Ṣé èmi ni mo wọ̀n ọ́n dà ni, àbí àtẹ wọn ni kò dáa?

Ṣẹ̀gun Mùṣín

Àǹtí Títí, ibùsùn yẹn ló bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀dì máa ń rì, aṣọ á sì rì tẹ̀lé e. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì tàbí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sọ ọ́ di méjì, ẹ mú sáìsì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ìyẹn dọ́gba. Ó parí. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń ra aṣọ bẹ́ẹ̀, kò já mi kulẹ̀ rí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ má dààmú ara yín jàre. Tí aṣọ bá ti bá ọkọ yín lára mu tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e fún télọ̀ kó tú ojú rírán rẹ̀, kó tẹ́ gbogbo ègé rẹ̀ sórí bébà, kó fi ṣe pátáànì. Wọ́n á rán márùn-ún irú rẹ̀ fún yín. Èmi ti ṣe é fún bùbá ìyá mi.

Títí Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n, rárá o! Mi ò fẹ́ rán nǹkankan. Rírà la fẹ́ rà á, ní Leeds. Tí wọ́n bá sì tú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn kí ọkọ mi tó dé, èmi náà á kúkú máa bá àbúrò mi lọ sí Leeds ni.

Bàbá Aránṣọ

Ọmọ mi, o ò wọ̀n ọ́n dà. Àtẹ wọn náà kò sì parọ́. Nǹkan méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà lo fi wé ara wọn.

110 tìrẹ, aṣọ lo wọ̀n. 109 sí 114 tí wọ́n kọ síwájú XL, kì í ṣe aṣọ. Àyà ẹni tó máa wọ aṣọ náà ni, tí wọ́n fi téèpù yí i ká lábẹ́ abíyá. Ohun tí wọ́n ń bá ọ sọ ni pé, bí àyà rẹ bá jẹ́ 109 sí 114, XL ni kí o mú, àwa ti fi àyè tó yẹ kún un. Ìwọ wá gbé aṣọ tí àyè ti wà nínú rẹ̀ lọ síbẹ̀, àwọn náà tún fi àyè tiwọn lé e. Àyè orí àyè ló gbé ọkọ rẹ mì.

Kò sí ṣẹ́ẹ̀tì kan tó máa jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú ara ẹni tó wọ̀ ọ́. Èèyàn á mí, á jókòó, á na ọwọ́ síwájú láti di ọwọ́ mọ́tò mú. Bí aṣọ bá bá ara dọ́gba gẹ́lẹ́, bọ́tìnnì á fò. Àyè yẹn ni àwa aránṣọ ń pè ní aláwáǹsì. Fún ṣẹ́ẹ̀tì tí kì í fà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ mọ́ra, mo máa ń fi sẹ̀ńtímítà 8 sí 10 kún àyà. Èyí tó wà déédéé, 10 sí 14. Àgbàlagbà tó fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí òun lára, 16 lọ sókè.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ irú àtẹ tí òun ń wò? Nígbà mìíràn wọ́n á kọ ọ́ sókè, `Body measurements` ni ti ara, `Garment measurements` tàbí `Product measurements` ni ti aṣọ. Bí wọn ò bá kọ nǹkankan, wo nọ́ńbà fún S, kí o sì bi ara rẹ bóyá èèyàn lè ní irú àyà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tín-ín-rín tí àyà rẹ̀ jẹ́ 93 pọ̀ nílùú. Ṣùgbọ́n bí S bá jẹ́ 104, aṣọ ni wọ́n wọ̀n. Bí ó bá sì jẹ́ 50 tàbí 52, ìdajì aṣọ ni, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ wọn ò sì tíì sọ ọ́ di méjì. Ohun mìíràn ni pé nọ́ńbà tó ní ibẹ̀rẹ̀ àti òpin, bíi 97–102, sábà máa ń jẹ́ ti ara, torí pé onírúurú èèyàn ló máa wọ aṣọ kan. Aṣọ fúnra rẹ̀ kò ní ju iye kan lọ.

Ṣé XL ọdún tó kọjá yẹn ṣì wà nílé? Bí ó bá wà, má jù ú nù. Òun ló máa tú àṣírí àtẹ yìí fún wa.

Ṣẹ̀gun Mùṣín

Bàbá, ẹ mà ṣé o. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí tèmi fi ń ṣiṣẹ́? Èmi ò yọ aláwáǹsì kankan rí.

Àǹtí Kàtánguá

Ṣẹ̀gun, lọ́dọ̀ ta lo ti ń rà á?

Ṣẹ̀gun Mùṣín

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òkìrìkà lórí fóònù. Wọ́n á ya fọ́tò ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ `pit to pit 22` sábẹ́ rẹ̀.

Àǹtí Kàtánguá

Wàá rí i bẹ́ẹ̀! Irú wa lo ń rà lọ́wọ́ wọn. Àwa kì í kọ ìwọ̀n ara ẹnikẹ́ni, a ò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ kó tó dé Kàtánguá. Aṣọ la wọ̀n, íńṣì ni, abíyá sí abíyá. Ìwọ wọn aṣọ tìrẹ, o fi wé aṣọ wa, kò sí bí kò ṣe ní í bá a mu. Aṣọ pẹ̀lú aṣọ nìyẹn. Ti Títí, aṣọ pẹ̀lú ara ni.

Títí, gbọ́, wíwọ̀n ní ọ̀nà tirẹ̀ o. Ibùsùn kọ́ ló da XL rẹ, ṣùgbọ́n Ṣẹ̀gun kò parọ́ nípa ibùsùn. Lọ aṣọ náà kọ́kọ́. Di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dókè. Tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà létí gẹ́lẹ́, kó má yí sí iwájú tàbí ẹ̀yìn. Fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Pípa ni mo wí, kì í ṣe fífà. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ní ìṣẹ́po lábẹ́ èjìká, ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí o tẹ́ ẹ bó ṣe wà, má tú u. Lẹ́yìn náà, má fi téèpù sí ibi tí apá ti pàdé ara gan-an, ibẹ̀ máa ń ní ojú rírán tó nípọn tó ń ká. Sọ̀kalẹ̀ bí íńṣì kan, wọ̀n ọ́n láti etí dé etí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí o wọ̀n ọ́n, kí o gbé aṣọ kúrò nílẹ̀ kí o tún un tẹ́ láàárín. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ju sẹ̀ńtímítà kan síra lọ, ò ń fà á nìyẹn.

Wo téèpù rẹ náà. Téèpù aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń tà fún télọ̀ máa ń gùn bó bá pẹ́. Mo fi tèmi wé rúlà ọmọ mi nígbà kan, 30 ti di 29 àti díẹ̀. Mo jù ú nù lọ́jọ́ yẹn.

Wọn èjìká pẹ̀lú, láti ojú rírán apá kan sí ti èkejì, ní ẹ̀yìn. Èmi, èjìká ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí àyà bá fẹ̀ jù, télọ̀ lè mú u wọlé ní ẹ̀gbẹ́. Bí èjìká bá ṣubú, ẹni tó máa tún un ṣe á gba owó ṣẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ rẹ.

Títí Bódìjà

Àǹtí mi, Bàbá mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lọ ọ́, mo ti kó oúnjẹ kúrò lórí tábìlì. Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù: 55, 55, 54 àti ààbọ̀. Ká mú 55, ó sì di 110 padà! Èjìká rẹ̀ 47. Gígùn láti ẹ̀gbẹ́ kọ́là lókè èjìká dé ìsàlẹ̀, 76.

XL náà ṣì wà. Àbúrò ọkọ mi ló sọ ọ́ di aṣọ ìsùn. Mo bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ò fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ó jẹ́ 61 ní àyà, èjìká rẹ̀ 50 àti ààbọ̀.

Bàbá Aránṣọ

Ó dára bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká ṣe é pọ̀.

XL wọn jẹ́ 61 ní ìdajì, ìyẹn 122 yí po. Wọ́n ní ti ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 109 sí 114 ni. Mú àárín rẹ̀, ká sọ pé 111 àti ààbọ̀. Yọ ìyẹn kúrò nínú 122, ó ku 10 àti ààbọ̀. Àyè tí ilé aṣọ yìí ń fi sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìyẹn. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan, ṣùgbọ́n ó ti jáde.

Báyìí, wo bí sáìsì wọn ṣe ń gun orí ara wọn. 97, 103, 109. Sẹ̀ńtímítà 6 ló wà láàárín sáìsì kan àti èkejì. Nítorí náà bí XL bá jẹ́ 122, L á jẹ́ bí 116, M á jẹ́ bí 110. Kí ni ṣẹ́ẹ̀tì búlúù? 110. M ni ọkọ rẹ, ọmọ mi. O fo sáìsì méjì.

Wò ó láti ẹ̀yìn pẹ̀lú, kó lè dá ọ lójú. Yọ 10 àti ààbọ̀ kúrò nínú 110 ti búlúù, ó ku 99 àti ààbọ̀. 99 àti ààbọ̀ wà láàárín 97 àti 102. M náà ni.

Bí ẹnì kan ò bá ní aṣọ ilé náà lọ́wọ́ bíi XL yìí, kò ní mọ àyè wọn. Ọ̀nà tó kù fún un ni kó yọ bí 10 sí 12 kúrò nínú ìwọ̀n ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ràn, kó sì bá èyí tó kù lọ sórí àtẹ ara. Ìfojúdá ni o. Bí èyí tó kù bá bọ́ sáàárín sáìsì kan, ó dáa. Bí ó bá bọ́ sí etí, bíi 102 sí 103, ìfojúdá kò lè dá a lẹ́jọ́, àfi kó wá ẹni náà kó wọ̀n ọ́n lára.

Ní ti èjìká, òun kì í sáré bí àyà. Sáìsì kan sí èkejì, bí sẹ̀ńtímítà kan àti ààbọ̀ ni. XL 50 àti ààbọ̀, M á wà ní bí 47 àti ààbọ̀. Ti búlúù jẹ́ 47. Ó bá a mu.

Bísọ́lá Akọ́kà

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ń kà á láti àárọ̀, ó sì ti ń yé mi ìdí tí gáùn mi fi há sí mi lórí. Mo ní gáùn dúdú kan tó ń fà, tó máa ń lẹ̀ mọ́ mi lára. Mo tẹ́ ẹ, ó jẹ́ 41 ní àyà, mo sọ ọ́ di 82. Mo wo àtẹ, mo rí 82 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 8, mo ra 8. Kò lè kọjá èjìká mi! Ọmọ mi ló bá mi fà á jáde, tòun tẹ̀rín. Ṣé kí n yọ 10 nínú 82 ni ì bá dáa?

Bàbá Aránṣọ

Rárá o, ìyàwó! Tìrẹ kọjú síbòmíràn pátápátá. Aṣọ tó ń fà tó sì ń lẹ̀ mọ́ni lára kì í ní àyè, ara ló ń ṣí i. Kí ni àyà rẹ gan-an?

Bísọ́lá Akọ́kà

92.

Bàbá Aránṣọ

Ó yé ọ báyìí? Gáùn 82, ara 92. Aṣọ kéré sí ara ní 10, ó sì bá ọ mu dáadáa, torí ó ń fà. Ṣùgbọ́n 82 tí wọ́n kọ síwájú 8, èèyàn tí àyà rẹ̀ jẹ́ 82 ni wọ́n ń bá wí. Bí o bá ti wọ̀n ara rẹ dípò gáùn, 92 lo máa wá, sáìsì mìíràn lo máa bá. Aṣọ tó ń fà, má gbé e lọ bá àtẹ ara rárá. Bí o bá fẹ́ fi gáùn wé gáùn, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ń fà bákan náà. Di ibi tó jẹ́ 10 sẹ̀ńtímítà lára rẹ̀ mú, fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà títí tí kò fi fẹ́ lọ mọ́. Òmíràn á dé 15, òmíràn kò ní kọjá 12. Èyí tí ò ń wò lórí fóònù, o ò lè fà á, ìdààmú tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Wálé Hiústọ̀n

Ẹ kú ìjókòó. Ẹ má gbàgbé pé àwọn ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì kan kì í ní M tàbí L rárá. Níbí ọrùn àti apá ni wọ́n fi ń tà á, wọ́n á kọ `15½ 34/35`. Àyà kò sí níbẹ̀. Mo sọ owó nù lórí méjì kí n tó mọ̀ pé apá tí wọ́n ń sọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Àárín ẹ̀yìn ọrùn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, á gba orí èjìká kọjá, á dé etí ọwọ́ aṣọ. Èmi wọ̀n ọ́n láti ojú rírán èjìká, mo rí 25 íńṣì, mo ń wá 25 kiri bí ẹni ń wá owó tó sọnù.

Ọrùn ni kí ẹ tẹ́ ní ṣíṣí, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín bọ́tìnnì dé ìpẹ̀kun ihò bọ́tìnnì. Bó bá jẹ́ 39 àti ààbọ̀ sẹ̀ńtímítà, 15½ íńṣì ni.

Ṣẹ̀gun Mùṣín

Ṣòkòtò ńkọ́? Jíǹsì tí mo ní, 34 ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Mo tẹ́ ẹ, mo wọn ìbàdí rẹ̀, 46 sẹ̀ńtímítà. 92 yí po, ìyẹn ju 36 íńṣì lọ.

Àǹtí Kàtánguá

Ẹ kú orí ire, ẹ̀yin tí ẹ gbà pé 34 lẹ wọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé aṣọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí inú oníbàárà lè dùn pé òun ò tíì sanra. Nọ́ńbà ẹ̀yìn jíǹsì, orúkọ lásán ni. Ẹ tẹ́ téèpù lé e. Ṣùgbọ́n ẹ gbé etí ìbàdí iwájú àti tẹ̀yìn bára dọ́gba kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí tiwájú máa ń rẹlẹ̀ ju tẹ̀yìn lọ. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ bó ṣe wà, ẹ̀yin náà á parọ́ fún ara yín.

Títí, ìbéèrè kan ló kù tí Bàbá kò bi ọ́. Ikùn ńkọ́?

Títí Bódìjà

Hẹn-ẹn! Àǹtí, ẹ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi. Ikùn ti yọ díẹ̀ láti ọdún Kérésì. Mo wọn búlúù níbi ikùn, 54, ìyẹn 108. Tó bá jókòó, àárín bọ́tìnnì méjì ìsàlẹ̀ máa ń ṣí díẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì á yọjú.

Àǹtí Kàtánguá

Ó tán. L ni kí ẹ rà. Àtẹ kò kọ ikùn, ikùn ló sì ń wọ aṣọ.

Bàbá Aránṣọ

Àǹtí, mi ò fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá mú L torí ikùn, èjìká á tún ṣubú, ẹ sì ti sọ fúnra yín pé èjìká ni kò ṣeé tún ṣe. M ni, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ M tí wọ́n gé wọlé níbi ikùn. Ilé aṣọ kan náà lè rán M méjì, `Slim fit` àti `Regular fit`, kí ó sì fi àtẹ kan ṣoṣo bo méjèèjì. Àyè tí mo ṣírò ní òwúrọ̀, ti irú XL yẹn ni. Èwo ni wọ́n kọ sí i?

Títí Bódìjà

`Regular fit`.

Bàbá Aránṣọ

Sọ fún àbúrò rẹ kó mú téèpù dání lọ sọ́jà. Kó béèrè fún M, `Regular fit`, kó ya ṣẹ́ẹ̀tì kan sọ́tọ̀, kó wọ̀n ọ́n ní àyà, ní ikùn, ní èjìká. Nọ́ńbà búlúù mẹ́ta ni kó mú lọ: 55, 54, 47. Kó má gba M mìíràn láìwọ̀n ọ́n, torí wọ́n máa ń to aṣọ púpọ̀ léra gé lẹ́ẹ̀kan, òkè àti ìsàlẹ̀ lè yàtọ̀ ní bíi sẹ̀ńtímítà kan.

Àǹtí Kàtánguá

Ó dáa, ẹ wọ̀n ọ́n. Tí ikùn rẹ̀ bá kéré sí 55, èmi ṣì wà lórí L mi.

Títí Bódìjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àbúrò mi wà nínú ṣọ́ọ̀bù báyìí, ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù. Ó tẹ́ M méjì sórí kàǹtà, ọmọ tó ń tajà ń wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti yí. `Slim fit` M: àyà 53, ikùn 50. `Regular fit` M: àyà 56, ikùn 55 àti ààbọ̀, èjìká 47 àti ààbọ̀, gígùn 78.

Kọ́tìnnì lásán ni, kò fà rárá. Sáìsì kan náà, àtẹ kan náà, wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀!

Bàbá Aránṣọ

`Regular fit` yẹn. Má wo pé 56 ju 55 lọ. Búlúù ti wọ omi tó pọ̀, èyí kò tíì wọ omi rárá. Kọ́tìnnì máa ń súnkì lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì, gígùn rẹ̀ ló sì sábà máa ń fà wọlé jù. 3 nínú 100 kì í ṣe ohun tuntun. 78 á di bí 76. Àyà á di bí 55.

Àǹtí Kàtánguá

Ìyẹn tí ẹ bá gbé e sínú omi gbígbóná. Omi tútù, kí ẹ sá a síbòòji, kò ní súnkì tó bẹ́ẹ̀. Mo ti ta ṣẹ́ẹ̀tì tí kò yí padà rárá. Àwọn kan ti jẹ́ kó súnkì nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó gé e.

Bàbá Aránṣọ

Òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́. Èmi ò lè fi ojú wò ó lórí fọ́tò kí n mọ̀.

Títí Bódìjà

Ó ti sanwó. `Regular fit` M, funfun kan, aláwọ̀ eérú kan. Àǹtí, 55 àti ààbọ̀ ni ikùn rẹ̀ o, ẹ ti gbà! Màá fi funfun wọ omi tútù, màá fi aláwọ̀ eérú wọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, màá sì tún wọ̀n wọ́n níbí lẹ́yìn ìfọ̀ kejì, ká mọ ẹni tó jàre.

Àǹtí Kàtánguá

Mo gbà. Ṣùgbọ́n kó dín iyán kù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọlé ni. Ṣé télọ̀ ti wá tú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn?